Ohun tí Owó Àbójútó Ọdọọdún ń Mú Kúrò nínú Àpò Àjọdá ní Ọdún Mẹ́wàá

Kò sí ẹni tí a tọ́ dàgbà ní ilẹ̀ wa tí kò mọ iṣẹ́ alájọ. Ìyá tí ń ta ata a máa fi iye owó kan náà lé e lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Nígbà tí oṣù bá sì parí, alájọ a mú owó ọjọ́ kan fún wàhálà rẹ̀, a sì dá ìyókù padà fún olówó. Bí ìyá náà bá ń dá 200 náírà lóòjọ́, tí a sì ka oṣù sí ọjọ́ 30, 6,000 náírà ni yóò dá, alájọ yóò mú 200, òun yóò sì gba 5,800. Bí wọ́n bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ọdún mẹ́wàá, tí í ṣe oṣù 120, alájọ yóò ti gba 24,000 náírà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ìyá yìí léèrè iye tí iṣẹ́ alájọ ná an, 24,000 náírà náà ni yóò dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì tọ́, nítorí pé owó tí ó wà lọ́wọ́ alájọ kì í bímọ.

Ṣùgbọ́n oríṣi àjọ mìíràn wà tí owó inú rẹ̀ ń bímọ, tàbí tí ó ń kú nígbà mìíràn. Èyí ni mo pè ní àpò àjọdá nínú ìwé yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a kó owó wọn jọ sínú àpò kan. Àwọn alábòójútó a fi owó náà ra ìpín nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Olúkúlùkù a sì ní apá tirẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye tí ó mú wá. Fún iṣẹ́ yìí, àwọn alábòójútó a máa yọ owó tiwọn lọ́dọọdún. Wọn kì í fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ sí olówó. Láti inú àpò náà gan-an ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Wọn kì í sì í yọ ọ́ nínú èrè nìkan. Gbogbo ohun tí ó wà nínú àpò ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé lórí, ìbáà jẹ́ ọdún èrè tàbí ọdún òfò.

Nígbà tí mo bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi díẹ̀ léèrè iye tí ènìyàn yóò pàdánù bí ó bá fi 10,000 dọ́là sínú irú àpò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń yọ ìdá 1 nínú 100 lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́wàá, ìdáhùn wọn yá kánkán. Wọ́n ní ìdá 1 lọ́nà mẹ́wàá jẹ́ ìdá 10, ìdá 10 nínú 100 ti 10,000 sì jẹ́ 1,000 dọ́là. Ìdáhùn yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò tọ́. Láti mọ ibi tí ó ti ṣìnà, ẹ jẹ́ kí a mú àpò kan tí ó wà ní tòótọ́, kí a sì ṣe ìṣirò rẹ̀ ní ọdún kọ̀ọ̀kan.

Àpò tí mo mú ni èyí tí ilé iṣẹ́ Fángáàdì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń tọ́jú, tí ó ń ra ìpín nínú nǹkan bí 500 ilé iṣẹ́ tí ó tóbi jù ní ilẹ̀ náà, láìṣa èyí tí ó wù ú nínú wọn. Ìdí tí mo fi mú un ni pé iye èrè rẹ̀ láti ọdún 2008 títí dé òpin ọdún 2017 wà ní gbangba. Ọ̀gbẹ́ni Wọ́rẹ̀n Bọ́fẹ́ẹ̀tì ti ìlú Òmáhà fi àpò yìí ta tẹ́tẹ́ fún ọdún mẹ́wàá náà pẹ̀lú ilé iṣẹ́ kan ní Nìú Yọ́ọ̀kì. Ilé iṣẹ́ náà yan àpò márùn-ún tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń tọ́jú ní owó iyebíye. Bọ́fẹ́ẹ̀tì sọ pé owó iyebíye náà ni kò ní jẹ́ kí wọ́n bá àpò tirẹ̀ dọ́gba. Ó kọ àbájáde rẹ̀ sínú lẹ́tà tí ó kọ sí àwọn tí ó ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀.

Owó tí wọ́n ń yọ nínú àpò Fángáàdì yìí kéré gidigidi: kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ìdá 1 nínú 100 lọ́dún. Nítorí náà, mo fi èrè rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀, bí ẹni pé a kò yọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, mo fi ojú inú dá àpò kejì sílẹ̀, tí ó ra àwọn ìpín kan náà gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n tí alábòójútó rẹ̀ ń yọ ìdá 1 nínú 100 ní òpin ọdún kọ̀ọ̀kan. Àpò méjèèjì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10,000 dọ́là. Níwọ̀n bí ohun gbogbo ti dọ́gba àfi owó àbójútó, ìyàtọ̀ tí a bá rí ní ìparí, owó àbójútó nìkan ni ó fà á.

Ọ̀nà ìṣirò náà kò le. Ní ọdún 2008, ọjà ìpín ṣubú, àpò náà sì pàdánù ìdá 37 nínú 100. 10,000 di 6,300. Nínú àpò kejì, alábòójútó yọ ìdá 1 nínú 100 ti 6,300, èyí tí í ṣe 63 dọ́là, ó sì ku 6,237. Ní ọdún 2009, èrè ìdá 26.6 nínú 100 wọlé. Nínú àpò kìn-ín-ní, a ó fi 1.266 sọ 6,300 di púpọ̀, yóò di 7,976. Nínú àpò kejì, 6,237 ni a ó sọ di púpọ̀, kì í ṣe 6,300. Lẹ́yìn náà ni a ó tún yọ ìdá 1 nínú 100. Báyìí ni a ó ṣe títí dé ọdún kẹwàá. Èyí ni gbogbo rẹ̀, ní dọ́là, láìka sẹ́ńtì:

| Ọdún | Èrè tàbí òfò nínú 100 | Àpò kìn-ín-ní | Owó tí a yọ nínú àpò kejì | Ohun tí ó kù nínú àpò kejì |
|---|---|---|---|---|
| 2008 | òfò 37.0 | 6,300 | 63 | 6,237 |
| 2009 | èrè 26.6 | 7,976 | 79 | 7,817 |
| 2010 | èrè 15.1 | 9,180 | 90 | 8,907 |
| 2011 | èrè 2.1 | 9,373 | 91 | 9,004 |
| 2012 | èrè 16.0 | 10,873 | 104 | 10,340 |
| 2013 | èrè 32.3 | 14,384 | 137 | 13,543 |
| 2014 | èrè 13.6 | 16,341 | 154 | 15,231 |
| 2015 | èrè 1.4 | 16,570 | 154 | 15,289 |
| 2016 | èrè 11.9 | 18,541 | 171 | 16,938 |
| 2017 | èrè 21.8 | 22,583 | 206 | 20,424 |

Ẹ wo ìlà tí ó kẹ́yìn. Àpò kìn-ín-ní di 22,583 dọ́là, àpò kejì sì di 20,424. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 2,159 dọ́là. Èyí ju ìlọ́po méjì 1,000 tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yani lẹ́nu jù kò ì tíì hàn. Ẹ ro gbogbo owó tí alábòójútó yọ pọ̀, láti ọdún kìn-ín-ní dé ìkẹwàá. Bí a bá ka sẹ́ńtì mọ́ ọn, nǹkan bí 1,250 dọ́là ni. Alábòójútó gba 1,250. Olówó pàdánù 2,159. Níbo ni 909 dọ́là tí ó kù wọ̀ sí? Alábòójútó kò jí i. Kò sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kàn án rí, nítorí pé a kò bí i. Àwọn ọmọ tí owó tí a yọ ì bá bí ni, bí a bá ti fi ìyá wọn sílẹ̀ nínú àpò. Ẹni tí ó bá ka owó tí a yọ nìkan dà bí àgbẹ̀ tí a jẹ irúgbìn àgbàdo rẹ̀, tí ó sì ń ka iye hóró tí a jẹ, láìka iye ṣírí tí hóró wọ̀nyí ì bá so.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé 63 dọ́là tí a yọ ní ọdún 2008. Òun ni ó kéré jù nínú ìlà owó tí a yọ, a sì yọ ọ́ ní ọdún tí olówó ti pàdánù ju ìdá mẹ́ta owó rẹ̀ lọ. Nínú àpò kìn-ín-ní, 6,300 tí ó kù ní òpin ọdún náà di 22,583 ní òpin ọdún 2017. Èyí ni pé dọ́là kọ̀ọ̀kan di nǹkan bíi 3.58. Nítorí náà, 63 náà ì bá di 226 dọ́là. Ẹ wá fi èyí wé 206 dọ́là tí a yọ ní òpin ọdún 2017. Òun ni ó pọ̀ jù lójú, ṣùgbọ́n kò ní ọjọ́ kan láti bímọ, nítorí náà 206 náà ni òfò rẹ̀. Owó tí ó kéré jù lójú ni ó ná olówó jù. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, tí ẹ sì ro àwọn iye náà pọ̀, 2,159 ni ẹ ó bá, kò ní dín, kò ní lé.

Nísisìyí, a lè mọ ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ṣìnà. Yíyọ ìdá 1 nínú 100 túmọ̀ sí pé a fi ìdá 99 sílẹ̀, èyí ni pé a fi 0.99 sọ owó di púpọ̀. Bí a bá ṣe é ní ìgbà mẹ́wàá, 0.99 tí a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá yóò fún wa ní 0.9044. Òfò náà jẹ́ nǹkan bí ìdá 9.6 nínú 100. Wọ́n sún mọ́ ọn, bí a bá wo ìdá nìkan, nígbà tí wọ́n sọ pé ìdá 10. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n mú ìdá náà nínú owó ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó yẹ kí wọ́n mú un nínú owó ìparí. Owó ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 10,000. Owó ìparí jẹ́ 22,583. Bí àpò bá ṣe ń dàgbà tó, bẹ́ẹ̀ ni òfò náà ń dàgbà.

Ọ̀nà kẹta sì wà láti wo iye kan náà, òun ni mo rò pé ó yẹ kí ẹni tí ń fi owó pamọ́ béèrè. 10,000 tí ó kó wá, tirẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Nítorí èrè ni ó ṣe wá sínú àpò. Èrè àpò kìn-ín-ní jẹ́ 12,583, ti àpò kejì sì jẹ́ 10,424. Bí a bá fi 12,583 pín 2,159, a ó rí i pé owó àbójútó mú nǹkan bí ìdá 17 nínú 100 gbogbo èrè ọdún mẹ́wàá lọ. Iye kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ ìdá 1 lẹ́nu alábòójútó, ó sì ń jẹ́ ìdá 17 nínú èrè olówó.

Ìṣirò 0.9044 yìí tún wúlò láti fi yẹ iṣẹ́ wa wò. Ẹ fi 22,583 pín 20,424: 0.9044 ni ẹ ó rí. Ó sì gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe pé ọjà gòkè tàbí ó ṣubú, ìbáà ṣe pé ọdún òfò ni ó ṣáájú tàbí òun ni ó kẹ́yìn, nítorí pé ìsọdipúpọ̀ kò mọ ẹni tí ó ṣáájú. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe ìṣirò ọdún mẹ́wàá pẹ̀lú ìdá 1, tí ó pín iye kejì pẹ̀lú ti ìkíní, tí kò sì rí 0.9044, kí ó padà lọ wá àṣìṣe rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, yóò rí i pé ní ọdún kan, ó gbàgbé láti yọ owó náà, tàbí pé ó yọ ọ́ nínú owó ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dípò owó tí èrè ti wọ̀.

Àṣìṣe mẹ́ta kan wà tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún, tí ìṣirò kò lè fi hàn fúnra rẹ̀.

Èkíní ni yíyọ owó lẹ́ẹ̀méjì. Èrè tí àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ń kéde jẹ́ èrè tí a ti yọ owó àbójútó kúrò nínú rẹ̀. Bí àpò kan bá ń yọ ìdá 1, tí ó sì kéde pé òun jẹ èrè ìdá 8 nínú 100 ní ọdún kan, a kò gbọdọ̀ tún yọ ìdá 1 nínú 8 náà. Bí a bá fẹ́ mọ iye tí ì bá jẹ́ láìsí owó àbójútó, ńṣe ni a ó fi 0.99 pín 1.08, a ó sì rí 1.0909, èyí tí í ṣe èrè ìdá 9.09. Èyí kan àpò kìn-ín-ní wa pẹ̀lú. Bí a tilẹ̀ gbà pé Fángáàdì yọ odidi ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ìdá 1 lọ́dọọdún, èyí tí ó ju ti òtítọ́ lọ, ohun tí ó mú kúrò ní ọdún mẹ́wàá kò tó 230 dọ́là.

Èkejì ni kí a rò pé kò sí ìnáwó mìíràn. Àwọn àpò kan a máa gba owó ìwọlé ní ọjọ́ tí a mú owó wá. Ríra àti títà ìpín pẹ̀lú ní ìnáwó tirẹ̀, kì í sì í sí nínú iye tí a kọ pé ó jẹ́ owó àbójútó. Bákan náà, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń yọ owó àbójútó díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ní òpin ọdún gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣe é nínú ìṣirò yìí. Ìyàtọ̀ tí èyí ń fà kéré. Ẹni tí ó bá sì ń fi owó kún un lóṣooṣù gbọ́dọ̀ ka owó kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tí ó wọlé, nítorí pé owó tí ó lo ọdún méjì nínú àpò kò pàdánù tó èyí tí ó lo mẹ́wàá.

Ẹ̀kẹta ni ó le jù: kí a rí àpò méjì tí wọn kò dọ́gba, kí a sì di gbogbo ẹ̀bi ru owó àbójútó. Tẹ́tẹ́ Bọ́fẹ́ẹ̀tì jẹ́ àpẹẹrẹ dáradára. Nígbà tí ọdún 2017 parí, àpò tirẹ̀ ti jẹ èrè ìdá 125.8 nínú 100 láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú márùn-ún ti ẹni kejì, èyí tí ó ṣe dáradára jù jẹ èrè ìdá 87.7, èyí tí ó sì burú jù jẹ ìdá 2.8 péré kí wọ́n tó tú u ká. Bọ́fẹ́ẹ̀tì jẹ tẹ́tẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ pé owó àbójútó nìkan ni ó sọ 125.8 di 2.8, a gbọ́dọ̀ lè sọ iye tí ó yẹ kí wọ́n máa yọ lọ́dọọdún. Ẹ fi 2.258 pín 1.028, yóò jẹ́ 0.455, iye tí a ó fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ó tó di 0.455 jẹ́ nǹkan bí 0.924. Èyí ni pé wọn ì bá máa yọ ju ìdá 7 nínú 100 lọ́dọọdún. Èyí ju ohun tí irú àpò bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ. Owó àbójútó ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà rà ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí mo fi dá àpò kejì sílẹ̀ lójú inú, kí ó lè jẹ́ pé owó àbójútó nìkan ni ìyàtọ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dán ọwọ́ rẹ̀ wò, kí ó tún àkọsílẹ̀ òkè yìí ṣe pẹ̀lú ìdá 2 nínú 100. Kí ó fi 0.98 ṣiṣẹ́ ní ipò 0.99. Bí ó bá ṣe é dáradára, 18,452 dọ́là ni yóò bá ní ìparí. Òfò náà jẹ́ 4,131, nǹkan bí ìdá 33 nínú 100 èrè. Èyí ni pé nínú dọ́là mẹ́ta tí owó rẹ̀ bí, ọ̀kan kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò fi owó oṣù olùkọ́ pamọ́ fún ọjọ́ ogbó, kì í sì í ṣe ọdún mẹ́wàá péré ni a ó fi í pamọ́ fún. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú àpò yìí wá síwájú wa, tí ó sì sọ pé ìdá kan péré ni òun ń gbà, kí a bi í pé: ìdá kan nínú kí ni, ní ìgbà mélòó?